Màmá ẹni ọdún 78, Sẹ́ptírìnì lórí lisinopírìlì àti Mọdurẹ́tíìkì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Apoògùn Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Màmá kan, ẹni ọdún 78, tí wọ́n ń ra oògùn lọ́wọ́ mi ní Mọ́kọ́lá, ń lo lisinopírìlì mílígíráàmù 10, Mọdurẹ́tíìkì hóró kan láràárọ̀ àti amulodípìnì mílígíráàmù 5 fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, ìtọ̀ ń ta wọ́n, kílíníìkì kan sì fún wọn ní Sẹ́ptírìnì 960 ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Lónìí ọmọ wọn obìnrin wá sọ fún mi pé ẹsẹ̀ Màmá wúwo, wọn ò lè dá dìde lórí àga. Mo lọ wò wọ́n nílé. Ìfúnpá wọn jẹ́ 112 lórí 60, ọkàn wọn sì ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan. Kílíníìkì ní àìsàn ló tán wọn lókun, kí n ta fítámììnì fún wọn. Ṣé Sẹ́ptírìnì yìí ló ń bá àwọn tó kù jà? Kí ni kí n ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú?

Bọ̀dá Kẹ́míìsì Apáta

Àbúrò, Mọdurẹ́tíìkì ni o. Oògùn amúnitọ̀ ni, ó máa ń fọ potásíọ̀mù dànù mọ́ ìtọ̀. Bí potásíọ̀mù bá ti lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ á kú, ara á máa rẹni. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ní kí wọ́n fún Màmá ní omi àgbọn ife méjì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Tí o bá ní potásíọ̀mù oníhóró ní ṣọ́ọ̀bù, fi ẹyọ kan kún un. Bó bá fi máa di ọ̀la, wọ́n á ti máa rìn.

Àǹtí Wọ́ọ̀dù

Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má fún Màmá ní omi àgbọn o! Potásíọ̀mù oníhóró ńkọ́? Ẹ tì í sínú dúrọ́ọ̀ kí ẹ sì gbàgbé ẹ̀.

Bọ̀dá Apáta, ìdajì Mọdurẹ́tíìkì lẹ sọ. Oògùn méjì ló wà nínú hóró yẹn. Haidirokilorotáyásáìdì mílígíráàmù 50 ló ń fọ potásíọ̀mù dànù bí ẹ ṣe wí, ṣùgbọ́n nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe fi amiloráìdì mílígíráàmù 5 tì í, kí potásíọ̀mù má baà lọ. Lára ọ̀dọ́ tí kíndìnrín rẹ̀ le, àwọn méjèèjì máa ń dọ́gba. Lára ẹni ọdún 78 tí kíndìnrín rẹ̀ ti lọ́ra, amiloráìdì lè borí.

Apoògùn Mọ́kọ́lá, ohun tí mo fura sí nìyí. Ní ìparí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà nínú kíndìnrín, ilẹ̀kùn kan wà tí iyọ̀ ń gbà wọlé padà sínú ara, potásíọ̀mù sì máa ń jáde nígbà tí iyọ̀ bá ń wọlé. Amiloráìdì ń ti ilẹ̀kùn yẹn. Lisinopírìlì ò tì í, àmọ́ ó ń dín omi ara tí ń pàṣẹ pé kó ṣí kù. Sẹ́ptírìnì wá dé. Oògùn méjì ló wà nínú òun náà, èyí tí ń jẹ́ tirimẹtopírìmù nínú wọn sì jọ amiloráìdì dé ibi tí ó fi ń ti ilẹ̀kùn kan náà. Lójú ìwé, ẹ óò rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn kòkòrò. Lójú kíndìnrín Màmá, oògùn mẹ́ta tí ń ṣe iṣẹ́ kan ni.

Ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún ni potásíọ̀mù sábà máa ń ga jù lọ pẹ̀lú Sẹ́ptírìnì, àsìkò tí ẹ sọ yìí gan-an. Ẹsẹ̀ tó wúwo bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ọkàn tó ń lù ní 50 ni. Potásíọ̀mù tó ga lè dá ọkàn dúró láìkìlọ̀ púpọ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí a kàn ń kà nínú ìwé o. Ní Ontário ní orílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n wo àwọn àgbàlagbà tí ń lo irú lisinopírìlì, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2010: àwọn tí wọ́n fún ní Sẹ́ptírìnì dèrò ilé ìwòsàn nítorí potásíọ̀mù ní nǹkan bí ìlọ́po méje àwọn tí wọ́n fún ní amọkisilíìnì.

Nítorí náà, ẹ dá Sẹ́ptírìnì, Mọdurẹ́tíìkì àti lisinopírìlì dúró báyìí, kí wọ́n má lo ti alẹ́ òní. Ẹ fi amulodípìnì sílẹ̀ fún dókítà láti pinnu. Kí wọ́n gbé Màmá lọ síbi tí èsì ẹ̀jẹ̀ ti lè jáde lónìí, tí ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn sórí bébà sì wà. Ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn sórí ìwé kan kí ọmọ wọn mú un dání. Kó tó lọ, ẹ ní kó tú báàgì oògùn Màmá síta níṣojú yín. Ó máa ń ku nǹkan kan tí wọn ò kà sí oògùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú n'Ìbàdàn

Sẹ́ptírìnì yìí ló fẹ́ pa bàbá wa o! Dáónìlì ni wọ́n ń lò fún ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n wá fi Sẹ́ptírìnì kún un. Lóru ọjọ́ kan òógùn bò wọ́n, wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, wọn ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn ẹbí ti ń sọ pé ayé ló dé, wọ́n fẹ́ gbé wọn lọ sí orí òkè. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló fi ẹ̀rọ ṣúgà wò wọ́n, 38 péré ló bá. Ṣé ohun kan náà kọ́ lẹ ń sọ yìí?

Àǹtí Wọ́ọ̀dù

Rárá, oògùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni. Ti bàbá yín, apá kejì Sẹ́ptírìnì ló gbé agbára Dáónìlì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kú oríire pé nọ́ọ̀sì yẹn wà nítòsí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yín wúlò, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́ yẹ kí a wo ṣúgà rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Apoògùn, ẹ bá wa wò ó.

Apoògùn Mọ́kọ́lá

Màmá ò ní ìtọ̀ ṣúgà, mo sì ti wò ó, 104 ni. Àwọn oògùn mẹ́ta náà ti dúró. Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀ fún ọ̀rọ̀ báàgì yẹn. Ohun méjì ló jáde. Àkọ́kọ́ ni dikilofẹ́náàkì mílígíráàmù 50. Nítorí orúnkún ni Màmá ṣe ń rà á fúnra wọn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kan, wọ́n ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èkejì ni agolo iyọ̀ kan tí ọmọ wọn ọkùnrin fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, pé iyọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni. Mo ka ẹ̀yìn agolo náà, potásíọ̀mù kiloráìdì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀.

Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀, a ń retí èsì.

Dókítà Ìta

Ẹ káalẹ́ o. Lisinopírìlì máa ń fa ikọ́ gbígbẹ, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kì í fara dà á. Ẹ kàn yí Màmá sí losátànì mílígíráàmù 50, wàhálà á tán. Èmi kì í kọ lisinopírìlì fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Apoògùn Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun sà, Màmá ò wúkọ́ rárá. Ẹsẹ̀ tó wúwo àti ọkàn tó ń lọ́ra ni ẹjọ́ wa.

Àǹtí Wọ́ọ̀dù

Ní ti ikọ́, òótọ́ ni dókítà sọ. Ní ti potásíọ̀mù, losátànì kò yàtọ̀ sí lisinopírìlì, àwọn tí ń lo irú rẹ̀ náà wà nínú iṣẹ́ ìwádìí Kánádà tí mo mẹ́nu bà.

Dikilofẹ́náàkì yẹn ti kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ ná. Lisinopírìlì, oògùn amúnitọ̀ àti dikilofẹ́náàkì, bí àwọn mẹ́ta yìí bá pàdé, ẹ̀jẹ̀ tí ń wọ inú asẹ́ kíndìnrín á dín kù gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kíndìnrín Màmá ti ń mí gúlegúle, iyọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ń kó potásíọ̀mù wọlé, Sẹ́ptírìnì kàn wá parí rẹ̀ ni. Ẹ bá mi béèrè ìwọ̀n ara Màmá, a óò nílò rẹ̀.

Apoògùn Mọ́kọ́lá

Èsì ti dé. Potásíọ̀mù ga, 6.4 ni. Kiratíníìnì, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 1.6, nígbà tó jẹ́ 1.1 ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kílò 52 ni Màmá. Àwọn ẹbí ní lááàbù sọ fún wọn pé kiratíníìnì ga díẹ̀ ni, kò tó nǹkan. Wọ́n tún ní inú kúlà oní-yìnyín ni wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ náà sí kí ó tó dé ọ̀hún, gósíló mú wọn lọ́nà, bóyá ohun tó ba èsì jẹ́ nìyẹn. Wọ́n fẹ́ sùn mọ́jú kí wọ́n tún un ṣe láàárọ̀.

Aláyẹ̀wò Agbowó

Lórí ọ̀rọ̀ yìnyín, àwọn ẹbí yẹn gbọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òtútù máa ń jẹ́ kí potásíọ̀mù jò jáde láti inú ẹyin ẹ̀jẹ̀ bí a kò bá tíì yí i nínú ẹ̀rọ kí omi ara rẹ̀ yọ sọ́tọ̀. Ó pọ̀ lára àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún wa tí wọ́n rò pé yìnyín ń dáàbò bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ní kí aláìsàn máa di ẹ̀ṣẹ́ kó sì máa tú u nígbà tí a so okùn mọ́ ọn lápá, ìyẹn náà ń gbé potásíọ̀mù sókè lọ́nà èké. Kí wọ́n béèrè bóyá omi ara ẹ̀jẹ̀ náà pọ́n. Bó bá pọ́n, ẹyin ẹ̀jẹ̀ ti fọ́, èsì náà ò ṣeé gbára lé.

Ṣùgbọ́n ti kiratíníìnì, yìnyín ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn o. 1.6 náà dúró bó ṣe wà.

Àǹtí Wọ́ọ̀dù

Ẹnu mi lẹ ti gba ọ̀rọ̀. Yìnyín lè fi díẹ̀ kún 6.4 yẹn, àmọ́ kì í ṣe yìnyín ló sọ ẹsẹ̀ Màmá di wíwúwo, kì í sì í ṣe yìnyín ló mú ọkàn wọn lọ́ra. Ibi tí a bá ti ṣe iyè méjì sí èsì, bébà ìlù ọkàn la óò fi yanjú rẹ̀, òun kò kọjá nínú kúlà ẹnikẹ́ni.

Ní ti pé kiratíníìnì ga díẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú àwọn ẹbí. Ẹ mú ọdún Màmá kúrò nínú 140, ó ku 62. Ẹ fi kílò 52 sọ ọ́ di púpọ̀, 3224. Ẹ fi 72 sọ kiratíníìnì 1.6 di púpọ̀, 115.2. Ẹ pín èyí àkọ́kọ́ sí èkejì, ẹ óò rí 28, nítorí pé obìnrin ni, ẹ fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀. Nǹkan bíi 24 ni agbára tí kíndìnrín Màmá fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, nígbà tí ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le máa ń tó 100. Kódà pẹ̀lú 1.1 tí gbogbo ayé ń pè ní dáadáa, 35 péré ni Màmá ní tẹ́lẹ̀. Ẹran ara àgbàlagbà kò pọ̀, kiratíníìnì tí wọ́n ń ṣe kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi máa ń tàn wá jẹ. Ní 24, ìdajì ìwọ̀n Sẹ́ptírìnì tí wọ́n ń lò yẹn ni ìwé gbà láyè, ká tiẹ̀ ní kò sí oògùn mìíràn nílẹ̀.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un: tirimẹtopírìmù máa ń dí ọ̀nà tí kiratíníìnì ń gbà jáde láìṣe kíndìnrín níbi. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tó gùn láti 1.1 dé 1.6 ni ó jẹ́ ìpalára. Mélòó ni ti dikilofẹ́náàkì, mélòó ni ti Sẹ́ptírìnì? Àyẹ̀wò lẹ́yìn tí oògùn bá kúrò lára nìkan ló lè sọ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú. Ṣebí Mọ́kọ́lá lẹ wà, ilé ìwòsàn ńlá Orítamẹ́fà ò jìnnà.

Apoògùn Mọ́kọ́lá

Wọ́n ti gbé wọn dé Orítamẹ́fà, èmi náà bá wọn lọ. Bébà ìlù ọkàn fi hàn pé òkè tó ń tẹ̀ lé ìlù kọ̀ọ̀kan ga, ó sì ṣóńṣó. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà láìsí yìnyín, 6.2 ló jáde. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi kálísíọ̀mù gulukonéètì sí iṣan, lẹ́yìn náà ínsúlìnì pẹ̀lú gulukóòsì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bébà ti ń padà sípò. Ọmọ wọn ń béèrè bóyá wọ́n lè máa lọ sílé.

Àǹtí Wọ́ọ̀dù

Kí wọ́n jókòó! Kálísíọ̀mù kì í mú potásíọ̀mù kúrò rárá, ọkàn nìkan ló ń dáàbò bò, kì í sì í pẹ́ tó wákàtí kan tí agbára rẹ̀ fi ń tán. Ínsúlìnì kàn ń ti potásíọ̀mù wọ inú ẹran ara ni, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ó lè tún jáde. Ohun tí yóò mú un kúrò lára ni kí kíndìnrín jí, kí àwọn oògùn yẹn sì kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun tí mo máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ dókítà jà sí jù lọ ni ṣúgà lẹ́yìn ínsúlìnì yìí. Kíndìnrín tó lọ́ra kì í tètè mú ínsúlìnì kúrò, Màmá ò tóbi, wọn ò sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Gulukóòsì á tán kí ínsúlìnì tó tán. Kí wọ́n máa wo ṣúgà ní wákàtí wákàtí, ó kéré tán fún wákàtí mẹ́fà. Bí nọ́ọ̀sì bá kéré síbi iṣẹ́, kí ọmọ wọn máa rán wọn létí láìtijú.

Bọ̀dá Kẹ́míìsì Apáta

Mo gbọ́ o. Ti Mọdurẹ́tíìkì yẹn, mo lọ gbé páálí rẹ̀ wò nísinsìnyí, amiloráìdì wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀yin Àǹtí, àwọn tí mo rí tí potásíọ̀mù wọn lọ sílẹ̀ nítorí oògùn amúnitọ̀ kì í ṣe irọ́ o.

Àǹtí Wọ́ọ̀dù

Kì í ṣe irọ́ rárá, Bọ̀dá. Lásíìsì ń ṣe bẹ́ẹ̀, táyásáìdì láìní amiloráìdì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wúwo náà sì jọra nínú méjèèjì, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ nìyẹn kí a tó mú àgbọn.

Apoògùn Mọ́kọ́lá

Ọjọ́ kẹta rèé. Potásíọ̀mù ti wálẹ̀ sí 5.1, kiratíníìnì 1.3, ọkàn ń lù ní 68. Màmá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì fúnra wọn, wọ́n sì ti ń bá nọ́ọ̀sì jà lórí ẹ̀kọ tí kò gbóná. Ohun tó kù mí kù ni pé èwo nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ká dá padà? Ìfúnpá jẹ́ 138 lórí 76 pẹ̀lú amulodípìnì nìkan. Ìtọ̀ tó ń ta wọ́n náà ńkọ́?

Dókítà Ìta

Ẹ gbàgbé lisinopírìlì pátápátá. Ẹni ọdún 78, ìfúnpá 138, kí la tún ń wá? Bó bá gun òkè, ẹ gbé amulodípìnì sí mílígíráàmù 10.

Àǹtí Wọ́ọ̀dù

Mo gbà pẹ̀lú dókítà pé kò sí kánjúkánjú. Níbi tí ọ̀nà wa ti yà ni pátápátá yẹn. Kí a kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ Màmá wò bóyá púrótéènì wà nínú rẹ̀, kí a sì béèrè bóyá ọkàn wọn ní àìlera tí lisinopírìlì ń ràn lọ́wọ́. Bí ìdí kan bá wà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 2.5 nígbà tí kiratíníìnì bá dúró sójú kan, kí ẹ sì wo potásíọ̀mù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí kò bá sí ìdí, ọ̀rọ̀ dókítà ló lékè. Amulodípìnì 10 lè mú kókósẹ̀ wú o, ẹ ṣọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ tún fi oògùn amúnitọ̀ lé e. Mọdurẹ́tíìkì ní tèmi kò ní padà wá, kíndìnrín yẹn ò gbà á mọ́.

Ní ti ìtọ̀, kó tó di pé a mú oògùn kòkòrò mìíràn, ṣé wọ́n gbin ìtọ̀ náà ní lááàbù? Kòkòrò máa ń wà nínú ìtọ̀ àwọn ìyá àgbà láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bó bá ṣì ń ta wọ́n, ìyẹn jẹ́ ọ̀ràn, àmọ́ kí èsì sọ èyí tó máa pa á. Nitirofurantóìnì tí gbogbo wa fẹ́ràn, ó gbọ́dọ̀ gba inú kíndìnrín dé inú ìtọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Pẹ̀lú 1.3 yẹn, nǹkan bíi 29 ni Màmá wà, mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé e.

Aláyẹ̀wò Agbowó

Bí wọ́n bá fẹ́ gbìn ín, kí wọ́n gba ìtọ̀ àárín, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ jáde. Ìtọ̀ ni kí wọ́n gbé sínú kúlà bí ó bá máa pẹ́, òun ló yẹ kó wà nínú òtútù.

Apoògùn Mọ́kọ́lá

Wọ́n ti gbà á láàárọ̀ òní, Ọjọ́bọ̀ ni èsì. Ó ṣì ń ta wọ́n díẹ̀. Fún orúnkún, mo ti kó dikilofẹ́náàkì náà kúrò, parasitámọ́ọ̀lù àti ìpara la ó fi bẹ̀rẹ̀. Oníkẹ́míìsì tí ń tà á fún wọn, mo ti lọ bá a, ó ní òun ò mọ̀ pé Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, Màmá ò sọ fún un, òun náà ò béèrè.

Iyọ̀ nìkan ló kù. Ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lánàá, ó ń bínú pé wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé ó dára fún ọkàn, kí ló dé tí mo ní kí wọ́n dà á nù. Mo ní kó ya àwòrán ẹ̀yìn agolo tirẹ̀ ránṣẹ́ kí a jọ kà á. Kò tíì fi ránṣẹ́.